Máínọ́ọ̀sì Tí Àbúrò Mi Nìkan Rí

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àbúrò mi obìnrin jẹ́, ẹ fún un ní ìwé ìpè ìgbéyàwó. Kò ní béèrè ta ni ọkọ, ta ni ìyàwó. Ìlà ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, yóò máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò wá ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbí yìí, Ọjọ́rú ló bọ́ sí, kì í ṣe Sátidé." Àwọn ènìyàn ò fi bẹ́ẹ̀ fún un níwèé ìpè mọ́. Alàgbà tó ń kọ ètò ìsìn ní ìjọ wa kì í jẹ́ kó rí iṣẹ́ òun kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò lè ní kí Ẹ̀mí Mímọ́ dúró de kọ́mà.

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, Ìyá Kọ́mà ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Ọ́fíìsì tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ló ń gbé ìbéèrè kalẹ̀, kì í ṣe òun ló ń fún ọmọ ní máàkì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ohun tí àwọn tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ fọwọ́ sí jẹ́ ohun kan náà tí ọmọ yóò bá lórí tábìlì. Ẹ lè rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí ó fi là mí lóye.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "àṣìtẹ̀ tó bá sọ ọ̀rọ̀ di wúruwùru kì í pa ọmọ lára. Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, á kọjá. Èyí tó burú ni èyí tó jẹ́ pé tí àṣìtẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́ tán, gbólóhùn ṣì dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kàn ti di ìbéèrè mìíràn ni."

Yàrá kan wà tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kun gíláàsì fèrèsé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú. Tí wọ́n bá ń wọlé, fóònù wọn á wà lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, báàgì wọn náà á wà níbẹ̀. Bírò inú yàrá ni wọ́n fi ń kọ̀wé, bébà kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀lé wọn jáde, kódà èyí tí wọ́n fi nu imú. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ìbátan tó fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́dún kan nínú ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ yàrá náà lọ́dún ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn àbúrò mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, àwọn ọmọ tèmi sì ti dàgbà, wọ́n ti tú ká. Ohun tí àwọn kan fi ń bú u níta, òun ni ọ́fíìsì fi ń yìn ín. Mo máa ń sọ ọ́ fún Olúwa nínú àdúrà pé ọ̀nà Rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n èyí tún jìn díẹ̀ jù.

Ènìyàn méjì ló ń ṣe é pa pọ̀. Ẹnì kejì rẹ̀ ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ físíìsì, Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ẹnì kan á mú ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, á máa kà á sókè, gbogbo rẹ̀ pátá: kọ́mà, àmì ìbéèrè, lẹ́tà ńlá, nọ́ńbà, àlàfo. Ẹnì kejì á gbé rúlà sábẹ́ ìlà lórí pírúùfù, ìyẹn ẹ̀dà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde. Bí ó bá ṣe ń rí nǹkan kọ̀ọ̀kan, á dáhùn pé, "Ó wà." Tí wọ́n bá ka pírúùfù kan tán, wọ́n á pààrọ̀ àga, ẹni tó ń kà tẹ́lẹ̀ á wá di ẹni tó ń wò, wọ́n á sì tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú méjì kì í sábà fọ́ síbi kan náà. Ìdí tí wọ́n fi gbé òfin yẹn kalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé eré ni. Àbúrò mi á máa fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Á da tíì nù torí kò rí i pé etí tábìlì ni mo gbé kọ́ọ̀bù sí. Mo ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ó ní ọjọ́ orí ni, pé èmi náà ṣáà ń wá gíláàsì mi nígbà tó bá wà lójú mi. Òótọ́ ni, mo sì dákẹ́. Kò dùn ún, kò yún un, kò pọ́n. Ta ní í gbé ojú tí kò dùn ún lọ fún dókítà?

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Mo mọ̀, torí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ju èmi lọ. Yàrá onífèrèsé funfun yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń dìde fún un láyé yìí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ojú rẹ̀ ń ṣe ségesège, àga yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ta ní í gba afọ́jú sí iṣẹ́ ìwòye?

Ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí ló kọ́kọ́ ṣòro fún un, torí àwọn ọ̀gá máa ń fi ọwọ́ kọ àtúnṣe wínníwínní sí etí rẹ̀. Pírúùfù mọ́ tónítóní, lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ló bá sọ fún Tíṣà pé, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa ka ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí yìí. Ohùn yín dùn ju tèmi lọ."

Tíṣà ní, "Ìyá Kọ́mà, ìyàwó mi bá ohùn yìí gbé fún ogójì ọdún, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Màmá ò gbọ́ ọ níbi tó ti ń ka kọ́mà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Bí wọ́n ṣe dáwọ́ pípààrọ̀ àga dúró nìyẹn. Bóyá Tíṣà fura, mi ò mọ̀. Onínúure ènìyàn ni, inúure sì wà tó dà bí ọṣẹ lórí àtẹ̀gùn.

Ọdún yẹn, ìwé físíìsì ní ìbéèrè kan tó lọ báyìí: yìnyín kan wà ní máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá dígírì, ẹ ṣírò ooru tí yóò sọ gbogbo rẹ̀ di omi. Yìnyín á kọ́kọ́ gba ooru títí yóò fi dé òdo, kó tó wá máa yọ́. Nígbà tí pírúùfù kejì dé, máínọ́ọ̀sì náà ti jókòó síparí ìlà kan, mẹ́wàá sì ti jábọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló rí i. Ó fi bírò pupa fà wọ́n pọ̀, ó kọ ọ́ sí etí bébà pé kí wọ́n má ṣe ya àwọn méjèèjì. Tíṣà ní, "Ojú àwòdì." Inú rẹ̀ dùn délé lọ́jọ́ náà. Kò lè sọ ohun tó mú inú rẹ̀ dùn fún mi, ó kàn ń kọrin ìyìn nídìí àwo tó ń fọ̀.

Ọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wá ṣe àtúnṣe. Bó ṣe rí dáàṣì kékeré níparí ìlà, ó rò pé èyí tí ẹ̀rọ máa ń fi gé ọ̀rọ̀ gígùn sí méjì ni. Ó rò pé ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni pé kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́. Mẹ́wàá wá dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tirẹ̀ lápá òsì pátápátá, láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀.

Pírúùfù kẹta dé. Tíṣà kà á sókè: "Máínọ́ọ̀sì, mẹ́wàá, àmì dígírì, lẹ́tà ńlá." Àbúrò mi gbé rúlà síbẹ̀. Ó dáhùn pé, "Ó wà."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn àpò tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ti gbéra pẹ̀lú ọlọ́pàá nínú ọkọ̀ kí ó tó di pé wọ́n gbé ẹ̀dà kan wá sí yàrá náà, kí àwọn méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ìwé tò tẹ̀lé ara wọn. Kíkà kọ́ nìyẹn, ṣíṣí lásán ni. Tíṣà ló ń ṣí i. Ó ń ṣí i, ó ń ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ wá dúró.

"Ìyá Kọ́mà, ẹ bá mi ka ìlà yìí."

Àbúrò mi tẹ orí síbẹ̀. "Máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá dígírì, títí dé ibi tí…"

"Ẹ tún un kà."

"Tíṣà, ṣé etí yín dí ni? Máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá."

Bàbá náà sún bébà náà mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ fi ìka yín lé máínọ́ọ̀sì náà fún mi."

Ó fi ìka lé e. Ó sọ fún mi pé òun rí i kedere, dúdú, tó mọ níwọ̀n, bí èyí tí òun fi bírò pupa fà mọ́ mẹ́wàá. Tíṣà rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e kúrò, ó sì yí bébà náà kí ibẹ̀ lè bọ́ sí àárín ojú rẹ̀ gan-an. Bébà funfun ló wà níbẹ̀.

Ó ní òun kò kígbe. Ó ní ohun tó bá òun lẹ́rù kì í ṣe pé òun ò rí nǹkan, bí kò ṣe pé òun rí nǹkan. Ibi tí ojú rẹ̀ ti kú, ọpọlọ rẹ̀ ti ń fi ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ dí i fún un, bí ẹni fi aṣọ bo ihò ògiri. Ẹni tí kò mọ ìwé náà rárá ìbá rí àlàfo yẹn. Òun tó mọ̀ ọ́n sórí ni kò lè rí i.

Tíṣà ní, "Ẹ gbọ́ mi. Èmi ni màá sọ pé mo fò ó nígbà tí mo ń kà. Mo ti di arúgbó, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Kí wọ́n ní kí n lọ sùn? Mo ti ń sùn tẹ́lẹ̀."

"Ẹ ò fò ó. Mo gbọ́ ọ. Mo ní ó wà."

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

Àbúrò mi wo òkè. Onígbàgbọ́ ni Tíṣà náà, ó sì mọ ibi tí ojú yẹn lọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ba èrò rere jẹ́."

Kì í ṣe ìwà mímọ́ nìkan ló jẹ́ kó kọ̀. Tí wọ́n bá gbà pé Tíṣà ló fò ó, àga òun á wà síbẹ̀, òun á sì tún máa rí ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn ọmọ mìíràn. Ó mọ èyí, ó sì tún fẹ́ àga náà síbẹ̀. Ó sọ fún mi pé láti yàrá yẹn dé ọ́fíìsì Màdámù, òun gbàdúrà pé kí òun bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Màdámù ni olórí ẹ̀ka wọn, obìnrin tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún, tí kì í pariwo. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Mà, láti ìgbà wo ni ẹ ò ti ríran dáadáa?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ sì ń jókòó síbẹ̀."

"Mo ń jókòó síbẹ̀."

Màdámù ní, "Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, mà. Nígbà tí mo wọlé, ẹ ní ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú kó gbé bírò sílẹ̀."

Wọn ò lè tún ìwé náà tẹ̀, àkókò ti tán. Ọ̀nà kan ló kù: ìwé àtúnṣe kékeré nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí alábòójútó gbọ̀ngàn ìdánwò kọ̀ọ̀kan yóò ṣí, tí yóò sì kà sí àwọn ọmọ létí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni, Màdámù sì pe Tíṣà àti ọkùnrin kọ̀ǹpútà wá kà á. Wọ́n pààrọ̀ àga lórí ìlà kan yẹn. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀ṣọ́ náà ní, "Ìyá Kọ́mà, wọ́n lé yín jáde ni?"

"Mò ń gba atẹ́gùn."

"Atẹ́gùn ò sí níbí o. Mo ti ń wá a láti àárọ̀."

Ó wálé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Mo bi í, ó ní orí ló ń fọ́ òun. Títí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà tán, kò lè sọ nǹkan kan nínú rẹ̀ fún mi. Mo rò pé ọkùnrin ló já a kulẹ̀, inú mi tiẹ̀ fẹ́ máa dùn díẹ̀ pé ó tún rí ẹnì kan. Kí Olúwa dárí jì mí.

Nígbà tó wá lè sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti rí bó ṣe rí. Àwọn gbọ̀ngàn tó wà nítòsí gbọ́ àtúnṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn kan, wọ́n ti ń kọ̀wé ká kí àpòòwé tó dé, alábòójútó kà á, ẹni tó gbọ́ gbọ́, ẹni tí kò gbọ́ tẹ orí rẹ̀ ba. Lọ́nà jíjìn, odò ti bo afárá, àpòòwé ò dé rárá. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní kí wọ́n fagi lé ìbéèrè náà, kí gbogbo ọmọ gba máàkì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dà bí òdodo. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní kí n rò ó. Ọmọ tí kò bìkítà á ka mẹ́wàá, á fi mẹ́wàá ṣírò, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á tiẹ̀ bá èyí tí wọ́n ń retí mu, torí láti máínọ́ọ̀sì mẹ́wàá dé òdo, mẹ́wàá náà ni. Ọmọ tó fara balẹ̀ kà á nìkan ni yóò dúró, tí yóò bi ara rẹ̀ pé báwo ni yìnyín ṣe máa wà ní mẹ́wàá lókè òdo tí kò tíì yọ́. Irú ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ rí nìyẹn. Àwọn gan-an ni òun fi ìdènà sí lọ́nà.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ kan tó dà bí àwo jíjìn, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì, wọ́n ní kó máa tẹ̀ ẹ́ tí iná kékeré bá tàn. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà á dúró, á dúró, mo rò pé iná ò tíì tàn. Dókítà, ọmọdébìnrin tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi, ní gílákómà ni, pé láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀ láìpariwo. Ó ní oògùn wà tí a óò máa kán sí i kí èyí tó kù má baà lọ.

Mo ní, "Èyí tó ti lọ ńkọ́, dókítà?"

"Kì í padà, mà."

Mo gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yẹn o. Mo gbààwẹ̀ sí i. Mo mọ Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé Ó gbọ́. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún ẹ̀yin tó ń ka èyí, ojú náà wà bó ṣe wà.

Ọ́fíìsì ṣe ìdágbére fún un dáadáa. Wọ́n yìn ín, wọ́n ra kéèkì. Ó ní orúkọ òun tí wọ́n kọ sórí kéèkì náà ṣe déédéé, ìyẹn nínú apá tí òun rí. Obìnrin kan tó kéré sí i ló wà lórí àga rẹ̀ báyìí. Tíṣà náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó lé e.

Òun ló wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ti gbọ́ ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máàkì ìwé náà. Mo rí i pé kò fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ àbúrò mi ò dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ sọ ọ́. Kò sí oyè tí mo tún ní tí yóò bọ́."

Ó ní ìwé ọmọ kan wà láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí àpòòwé ò dé. Títí dé ibi ìbéèrè yẹn, gbogbo ohun tó kọ ló gbà. Níbẹ̀, ó kọ ọ́ pé yìnyín kì í wà ní dígírì mẹ́wàá. Ó pa á rẹ́. Ó ṣírò rẹ̀ lọ́nà kan, ó pa á rẹ́, ó ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ó tún pa á rẹ́, ojú ewé kún.

"Ṣebí wọ́n ti fún un ní máàkì ìbéèrè yẹn," ni mo wí.

"Wọ́n fún un, mà. Bí wọ́n ṣe fún gbogbo wọn."

Àbúrò mi ní, "Kí ló kọ sí àwọn ìbéèrè tó tẹ̀lé e?"

Tíṣà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Kò kọ nǹkan kan. Àkókò ti lọ."

Tíṣà dìde, ó ní òjò fẹ́ rọ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn wàìwàì níta. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo padà wọlé, àkókò oògùn ti tó. Mo ní kí àbúrò mi gbé orí sẹ́yìn, mo kán an sí ojú ọ̀tún, mo kán an sí òsì. Ó di ojú méjèèjì bí dókítà ṣe ní kó máa ṣe.

Ó ní, "Ẹ tún ti òsì ṣe. Ó jọ pé kò wọlé."

Ó wọlé, mo rí i. Mo tún kán an.